Fọ́tò ìwé ìgbéyàwó, Lárúbáwá orí fóònù, àti òǹtẹ̀ atúmọ̀

Olóòtú,

Òǹkàwé yín kan kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé ẹni tó bá wà ní Dùbáì, tó sì fẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ wá bá òun, kò nílò atúmọ̀ kankan mọ́. Ó ní kí ó sáà ya fọ́tò ìwé ìgbéyàwó, kí fóònù yí i sí Lárúbáwá, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ parí. Èdè Lárúbáwá ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní Agége, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ń wọlé sórí Wọ́sáàpù mi lemọ́lemọ́. Mo fara mọ́ apá kan ọ̀rọ̀ òǹkàwé yín. Apá kejì ni mo fẹ́ tún ṣe kí ẹnikẹ́ni tó lọ fi ìwé ara rẹ̀ ṣòfò.

Ohun tí fóònù dára fún kò kéré. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé kó tó fọwọ́ sí nǹkan, tàbí tí ìwọ alára bá gba ìwé Lárúbáwá tí o fẹ́ mọ ibi tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀, wàá rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ìwé tí wọ́n máa fi pamọ́ sínú fáìlì ìjọba, tí òṣìṣẹ́ máa fi pinnu pé obìnrin yìí ni aya ọkùnrin yìí, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù wa kan, èyí tí wọ́n ń gbà ní Ìkòyí tàbí ní ìjọba ìbílẹ̀, kí a jọ wò ó. Ká ní ọkọ ń jẹ́ Sọ́ńdè Gbóyèga Adépọ̀jù. Ìlà ni wọ́n fà sórí ìwé náà, wọ́n sì tẹ orí ọ̀rọ̀ sókè ìlà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ ìgbéyàwó, orúkọ, ọjọ́ orí, ipò kí wọ́n tó fẹ́ra, iṣẹ́, ibùgbé, orúkọ baba, iṣẹ́ baba. Ohun tó wà lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, gègé ni akọ̀wé sábà máa ń fi kọ ọ́. Fóònù máa ń ṣiṣẹ́ méjì tẹ̀ léra: á kọ́kọ́ gbìyànjú láti ka lẹ́tà inú fọ́tò, lẹ́yìn náà ni á túmọ̀ ohun tó rò pé òun kà. Bí òjìji ọwọ́ rẹ bá bo igun kan, tí ìwé bá ká, tàbí tí òǹtẹ̀ àlùkò bá gun orí ọjọ́, 1 lè di 7. Fóònù kò ní sọ pé òun ò rí i dáadáa. Lárúbáwá tó dán ló máa fi bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Èèyàn tó mọ iṣẹ́ atúmọ̀ kì í dá àbá níbẹ̀. Ó máa kọ ọ́ sínú àmì pé «غير مقروء», pé ibẹ̀ kò ṣeé kà, tàbí kó ní kí o lọ gba ẹ̀dà tuntun.

Ìwọ̀nyí ṣì jẹ́ ti kíkà. Ti ìtumọ̀ le jù. Fóònù rí Sọ́ńdè lórí ìlà, kò mọ̀ pé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìsinmi ni, ó kọ الأحد, ìyẹn ọjọ́ Àìkú gan-an. Ní ìlà ipò, akọ̀wé kọ 'báṣẹ́lọ̀', ìyẹn ọkùnrin tí kò tíì láya rí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n fi ń pe oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà fóònù lè kọ بكالوريوس: ọkọ ti gboyè kó tó gbéyàwó! Ti ìyàwó tún burú. Fún 'sípínsítà', ìyẹn obìnrin tí kò tíì lọ́kọ rí, fóònù lè mú عانس wá, ọ̀rọ̀ tí Lárúbáwá fi ń bú obìnrin tó dàgbà kọjá ìgbà ọkọ. عزباء ni atúmọ̀ máa kọ, tí kò bú ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan tó gbọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ní ọ̀nà àyẹ̀wò: wọ́n á mú Lárúbáwá náà padà sínú fóònù, wọ́n á ní kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ẹ̀tàn wà gan-an nìyẹn. الأحد máa padà wá di Sọ́ńdè, بكالوريوس máa padà wá di 'báṣẹ́lọ̀', onítọ̀hún á wá fọkàn balẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ gún. Àyẹ̀wò yẹn kò lè mú irú àṣìṣe yìí láéláé, torí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà ṣìnà lọ náà ló gbà padà.

Ẹni tí kò ka Lárúbáwá lè yẹ nọ́ńbà wò, àmọ́ kó ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú. Lárúbáwá máa ń kọ àárùn-ún báyìí: ٥, ó sì jọ òdo wa. Òdo tiwọn kò ju ẹ̀kán lọ: ٠. Ẹẹ́fà wọn, ٦, jọ 7 wa. Mo ti rí ẹni tó pariwo pé wọ́n ti ba ọdún ìbí ọmọ òun jẹ́, tó sì jẹ́ pé ó pé pérépéré. Ohun mìíràn ni pé láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń ka Lárúbáwá, nọ́ńbà tí wọ́n sì fi dáàṣì pín sí wẹ́wẹ́, bíi 12-345-67, lè yí orí padà nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sáàárín rẹ̀. Nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí nìyẹn o, òun sì ni òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ wò.

Orúkọ wa ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì díẹ̀. Lárúbáwá kò ní 'p', kò sì ní 'gb'. Adépọ̀jù á di أديبوجو, ẹni tó bá kà á á pe Adébọ̀jù. Fún Gbóyèga, ẹnìkan lè kọ غبويغا, ẹlòmíràn á kọ جبويجا, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi. Kò sí ìlànà kan ṣoṣo fún orúkọ Yorùbá nínú lẹ́tà Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ní káàdì ìdánimọ̀ àti físà ní Dùbáì, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ ní Lárúbáwá sórí wọn. Bí ìwé ìgbéyàwó bá kọ ọ́ lọ́nà míì, lójú fáìlì, èèyàn méjì ni. Ìdí nìyí tí atúmọ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù àti káàdì kó tó fọwọ́ kan ìwé: ó fẹ́ kọ orúkọ bó ṣe wà lọ́dọ̀ ìjọba tẹ́lẹ̀. Fóònù kò béèrè nǹkan kan. Ẹ tún wo orílẹ̀-èdè: نيجيري ni ọmọ Nàìjíríà, نيجري ni ọmọ Niger. Lẹ́tà kan péré ló ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ká wá ní fóònù kò ṣe àṣìṣe kankan. Wọn ò tíì ní gbà á. Ní ilẹ̀ Ẹ́mírétì tí Dùbáì wà, Lárúbáwá ni èdè kọ́ọ̀tù. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń gbà ní kọ́ọ̀tù àti lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ti atúmọ̀ tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ibẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ. Orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀ á wà lórí ìtumọ̀ náà. Kì í ṣe pé wọ́n rò pé atúmọ̀ náà kò lè ṣàṣìṣe. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò tó ti inú fóònù jáde kò ní ẹni tí wọ́n máa pè.

Èmi náà wà nínú àwọn tí wọn ò ní gbà tiwọn. Mo mọ Lárúbáwá, mo sì ní òǹtẹ̀ ilé-kéwú, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yẹn kò jámọ́ nǹkan kan ní ọ́fíìsì Dùbáì. Inú ń bí àwọn bàbá kan tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, pé ṣé alfa tó ń ka kéwú láti kékeré kò tó ni? Kì í ṣe ìmọ̀ la ń wí. Àṣẹ ni. Bí o bá sì ń lọ sí Sáúdí tàbí Íjíbítì, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó fọkàn tán, ọ́fíìsì tó máa gba ìwé náà gan-an ni kí o béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tó ń kó àwọn èèyàn wa sí ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì: ètò tó yẹ kí iṣẹ́ náà tẹ̀ lé. Kí ìwé ìgbéyàwó tàbí ti ìbí wa tó wúlò ní Ẹ́mírétì, Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè wa ní Àbújá gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ aṣojú Ẹ́mírétì, lẹ́yìn náà Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè tiwọn lọ́hùn-ún. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ń fi òǹtẹ̀ tàbí sítíkà tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn ìwé sì ni púpọ̀ nínú wọn sábà máa ń wà. Atúmọ̀ gbọ́dọ̀ túmọ̀ òǹtẹ̀ wọ̀nyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá sáré túmọ̀ ìwé kó tó rán an lọ sí Àbújá ti ní ìtumọ̀ tí kò bá ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu mọ́. Nítorí náà, jẹ́ kí òǹtẹ̀ pé kí o tó wá atúmọ̀.

Atúmọ̀ kò sì lè tún ìwé ṣe. Bí akọ̀wé bá ti kọ Adépọ̀jù sí Adépojo lórí ìwé ìbí ọmọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni atúmọ̀ máa gbé e, nítorí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí. Ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un kọ ń sọ pé kó purọ́ lábẹ́ òǹtẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fún ọ ní ìwé náà ni àtúnṣe wà. Ti ìbí, Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni òfin ọdún 1992 gbé e lé lọ́wọ́. Ti ìgbéyàwó, ọ́fíìsì tó so yín pọ̀ ni. Ilé ló yẹ kí èèyàn ti ṣe èyí, kí ìwé tó rìnrìn-àjò lọ sí Àbújá.

Fún ẹni tó bá wá ń rán fọ́tò sí atúmọ̀ kó lè sọ iye tó máa gbà: tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ lẹ́bàá fèrèsé, pa fíláàṣì, jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí o sì ya iwájú àti ẹ̀yìn, kódà bí ẹ̀yìn bá ṣófo. Fi ojú ewé páásípọ́ọ̀tù tọkọtaya sí i, àti káàdì Dùbáì ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Bí atúmọ̀ bá rán ìtumọ̀ padà kó tó lù ú ní òǹtẹ̀, orúkọ Lárúbáwá tó wà lórí káàdì ni kí o gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti orí ìtumọ̀, kí o fi wọ́n wéra lẹ́tà sí lẹ́tà, bí o kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n kà.

Èmi ni,
Olùkọ́ èdè Lárúbáwá kan,
Agége, Èkó.