Ta ló ń san ₦10 orí lítà mínírà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé pé àwọn iléeṣẹ́ ni owó orí ₦10 lórí lítà ohun mímu aládùn kàn, pé kò kan oníbàárà. Lóòótọ́, àwọn ni òfin ìnáwó ọdún 2021 ní kí wọ́n san án fún Kọ́sítọ́ọ̀mù. Àmọ́ ẹni tó ka owó sílẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tí owó náà ti àpò rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú àwọn iye yìí. Ká ní ₦400 ni lítà kan, tí wọ́n ń ta 1,000 lítà lójúmọ́. Àwọn tó ń rà á kì í tètè fi sílẹ̀: bí náírà kan bá gorí owó, lítà kan péré ni wọ́n ń dín. Olùpèsè ní tirẹ̀ tètè ń fà sẹ́yìn: bí náírà kan bá kúrò nínú ohun tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́, lítà mẹ́rin ló ń yọ. Owó orí ₦10 wá dé. Bí olùpèsè bá gbé gbogbo rẹ̀ lé oníbàárà, tó ń tà á ní ₦410, òun á ṣì gbé 1,000 lítà wá, àwọn oníbàárà á ra 990, mẹ́wàá á kù nílẹ̀. Ó di dandan kó já owó wálẹ̀. ₦408 ni wọ́n ti pàdé: oníbàárà dín lítà mẹ́jọ, ₦398 bọ́ sọ́wọ́ olùpèsè, òun náà dín mẹ́jọ. Oníbàárà ru ₦8, olùpèsè ru ₦2. Ìjọba gba ₦9,920 lórí 992 lítà.

Ẹ wá yí i padà: kí oníbàárà máa dín mẹ́rin, kí olùpèsè máa dín ẹyọ kan. Owó ọjà á dúró ní ₦402, ₦392 ni olùpèsè á gbà. Kọ́bọ̀ kan ò yí nínú owó ìjọba, bẹ́ẹ̀ òfin kan náà ni. Ẹni tí kò rí ibi yẹ̀ sí ló ń ru ẹrù.

Ní ti mínírà, gbogbo oríṣi rẹ̀ ni òfin náà mú, nítorí náà kò sí àǹfààní pé ká sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan lọ bá èkejì. Ohun bí omi àti zóbò ilé ló kù. Èmi gbà pé oníbàárà ló ru èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fi ṣe nǹkan mìíràn, ìyẹn lè mú kí iléeṣẹ́ fara dà á fúngbà díẹ̀.

Ojú lásán ò lè fi ẹni tó ń ru ú hàn wá. ₦5 ló wà lórí ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà, ta ló sì ń fún wa ní ṣéńjì ₦5 mọ́? Owó á dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan, á wá fò ní ₦50 lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí dísù àti ṣúgà náà ti wọ́n. Kí àwọn akọ̀ròyìn ọjà yín máa kọ owó omi oníke àti ti mínírà sílẹ̀ pọ̀, torí kò sí owó orí yìí lórí omi, bẹ́ẹ̀ ike àti dísù kan náà ni wọ́n ń lò. Kí ẹ yọ ti ṣúgà kúrò nínú ohun tí mínírà fi lé sí i ju omi lọ, èyí tó bá kù ni ká wá jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn