Máàkì ọmọ tó gba ọ̀nà míì dé ìdáhùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síwájú àwọn tíṣà ìṣirò àti àwọn òbí tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ wọ́kíṣíìtì kan ni, tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí fún àwọn ọmọ JSS 3 pé kí wọ́n lọ ṣe nílé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti máàkì rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́rin ládùúgbò wa kó tiwọn wá bá mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà ìṣirò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìdáhùn kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sí ìbéèrè kan. Ọ̀kan gba márùn-ún nínú máàkì márùn-ún. Òdo ni wọ́n fún àwọn mẹ́ta yòókù.

Ìbéèrè náà nìyí: àgbẹ̀ kan ń sin ewúrẹ́ àti adìyẹ. Orí gbogbo wọn jẹ́ 20, ẹsẹ̀ gbogbo wọn jẹ́ 56. Ewúrẹ́ mélòó ni, adìyẹ sì jẹ́ mélòó? Ibẹ̀ ni ìbéèrè náà parí sí. Kò sọ ọ̀nà tó fẹ́ kí ọmọ gbà.

Ìwé ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń máàkì ní kí a pe ewúrẹ́ ní x, kí a pe adìyẹ ní y, kí a wá kọ ìkuéṣọ̀n méjì: x + y = 20, àti 4x + 2y = 56. A ó fi 2 sọ èyí àkọ́kọ́ di púpọ̀, yóò di 2x + 2y = 40. A ó yọ ọ́ kúrò lára èkejì, yóò ku 2x = 16. Ewúrẹ́ jẹ́ 8, adìyẹ jẹ́ 12. Máàkì kọ̀ọ̀kan wà fún ìkuéṣọ̀n méjèèjì, ọ̀kan wà fún yíyọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà fún ìdáhùn méjèèjì. Ọ̀nà yìí dára, mo sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó gba márùn-ún, ọ̀nà yìí ló tọ̀.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn kò kọ x tàbí y kankan. Ohun tó kọ ni pé: ká ní adìyẹ ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ wọn ì bá jẹ́ 20 × 2 = 40. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 56 ló wà, nítorí náà 56 − 40 = 16 ló lé. Ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ méjì ju adìyẹ lọ, nítorí náà 16 ÷ 2 = 8. Ewúrẹ́ 8, adìyẹ 12. Wọ́n fi bíró pupa fa ìlà gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, “Ìkuéṣọ̀n dà?”

Olóòtú, ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ ọmọ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdáhùn. 40 tó wà nínú ìwé wọn, níbi tí wọ́n ti kọ 2x + 2y = 40, ohun kan náà ni pẹ̀lú 40 ọmọ yìí: ẹsẹ̀ tí ẹran ogún yóò ní bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní méjì. 16 wọn ni 16 tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín 16 sí méjì náà ni òun ṣe pín in. Kò sí ohun kan tí ìwé ìdáhùn ṣe tí ọmọ yìí kò ṣe, àfi pé wọ́n fi lẹ́tà kọ tiwọn, òun sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣàlàyé tirẹ̀. Bí ẹni tó ń máàkì bá bi ara rẹ̀ léèrè pé iṣẹ́ wo ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìwé ìdáhùn yẹn, yóò rí i pé máàkì àkọ́kọ́ wà fún lílo iye orí, èkejì fún lílo iye ẹsẹ̀, ẹ̀kẹta fún fífi méjèèjì pa pọ̀. Ọmọ náà ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gba ìdáhùn méjèèjì. Márùn-ún nínú márùn-ún ni.

Tọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e ló le díẹ̀, mi ò sì bá ẹni tó máàkì rẹ̀ jà púpọ̀. Ìlà méjì péré ló kọ ṣáájú ìdáhùn: 56 ÷ 2 = 28, lẹ́yìn náà 28 − 20 = 8. Ẹni tó bá ń kánjú yóò rò pé ńṣe ló kàn ń da nọ́ńbà pọ̀ títí tó fi bọ́ sí i. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pín ẹsẹ̀ sí méjì. Ó ní, “Bàbá, ká ní ẹran kọ̀ọ̀kan gbé ìdajì ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. 28 ló máa kù nílẹ̀. Adìyẹ á ní ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ewúrẹ́ á ní méjì. Tí mo bá yọ ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan, ti ewúrẹ́ nìkan ló kù.” Inú mi dùn dé ọkàn. Ìwé ìṣirò àtijọ́ kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó ti lé ní 1,500 ọdún, tó béèrè irú ìbéèrè yìí nípa ẹyẹ àti ehoro tí orí wọn jẹ́ 35, tí ẹsẹ̀ wọn sì jẹ́ 94. Ọ̀nà tí ọmọ wa yìí gbà gẹ́lẹ́ ni ìwé náà gbà: ìdajì 94 jẹ́ 47, yọ 35 kúrò, ehoro jẹ́ 12. Ẹnikẹ́ni kò fi ìwé yẹn han ọmọ náà. Orí ara rẹ̀ ló fi dé ibẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀nà rẹ̀ ní ibi tó mọ. Bí a bá gbé ìbéèrè náà kúrò lọ́dọ̀ ẹran, tí a ní kẹ̀kẹ́ Màrúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ 20 ní gáréèjì, tí táyà wọn jẹ́ 68, ìdajì 68 jẹ́ 34, yọ 20 kúrò, ó ku 14, irọ́ sì ni. Mọ́tò 8 àti kẹ̀kẹ́ 12 ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà ọmọbìnrin yẹn máa dé ibẹ̀ láìsí wàhálà: ká ní kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn, táyà 60, ó lé 8, mọ́tò kọ̀ọ̀kan fi táyà kan lé, mọ́tò 8. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ewúrẹ́ àti adìyẹ ni wọ́n bi ọmọkùnrin náà, ọ̀nà rẹ̀ sì tọ́ fún un pátápátá. Máàkì rẹ̀ pé. Ohun tó yẹ kí tíṣà kọ sí ẹ̀gbẹ́ ni pé kí ó máa fi gbólóhùn kan sọ ìdí tó fi pín in, kí ó sì gbìyànjú ti kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò wò.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kan wà tí kò já sọ́jà rárá, ìyẹn ni iṣẹ́ ọmọ kẹrin. Ó kọ 20 − 4 = 16, ó kọ 16 ÷ 2 = 8, ó ní ewúrẹ́ jẹ́ 8. Mo béèrè pé 4 wo ló yọ. Ó ní ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ni. Kí ló dé tí a fi ń yọ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan kúrò lára iye orí? Kò mọ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò fọwọ́ kan 56 rárá. Èyí nìkan ti tó láti fura, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ iye ewúrẹ́ láìlo iye ẹsẹ̀. Láti rí i dájú, mo ní kí a fi ẹsẹ̀ náà sí 62, kí orí ṣì jẹ́ 20. Ọ̀nà tirẹ̀ tún sọ pé 8. Ọ̀nà ọmọbìnrin yẹn sọ pé 62 − 40 = 22, ìdajì rẹ̀ 11. Ọ̀nà ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sókè sọ pé 31 − 20 = 11. Ìkuéṣọ̀n náà sọ pé 11. Ewúrẹ́ 11 ní ẹsẹ̀ 44, adìyẹ 9 ní 18, àpapọ̀ rẹ̀ 62. Òdo tí wọ́n fún ọmọ kẹrin tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8 tó kọ bá ti ìwé ìdáhùn mu. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì gbà.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, pé òdo kan náà ni wọ́n fún ẹni tó ronú àti ẹni tó ṣe kòńgẹ́. Ọmọ méjì tó ronú yẹn ti sọ fún mi pé láti ìsinsìnyí lọ, ohun tó wà nínú nóòtì nìkan làwọn yóò máa kọ.

Àwọn tíṣà kan máa sọ pé ẹ̀kọ́ ìkuéṣọ̀n ni wọ́n ń dán wò, pé bí ọmọ kò bá kọ ìkuéṣọ̀n, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó yé e? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ló yẹ kí a tún ṣe. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Lo ìkuéṣọ̀n méjì”, nígbà náà ẹni tí kò bá lò ó kò ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kò sì sí ẹni tó máa bá yín jà. Tàbí kí ẹ bèèrè ohun tó máa mú kí ọmọ fúnra rẹ̀ rí i pé òun nílò ìkuéṣọ̀n. Bí àpẹẹrẹ: ìwé 3 àti bíró 5 jẹ́ ₦2,350, ìwé 5 àti bíró 2 jẹ́ ₦2,650, èló ni ìwé kan, èló ni bíró kan? Kò sí orí tí a lè kà níbẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ tí a lè gbé sókè. Ọmọ tó bá fẹ́ fi orí lásán ṣe é máa pẹ́ kó tó dé ₦450 àti ₦200, yóò sì rí ìwúlò x àti y lójú ara rẹ̀.

Ẹni tó bá ti máàkì ìdánwò WAEC rí mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe tuntun. Máàkì M wà fún ọ̀nà, A wà fún ìdáhùn tó péye, A kì í sì í dúró lórí ọ̀nà tí kò nítumọ̀. Kí a tó máàkì ìwé ẹnikẹ́ni, a máa ń jókòó pọ̀ yẹ ìwé ìdáhùn wò, a sì máa ń jíròrò lórí ọ̀nà míì tí àwọn ọmọ lè gbà. Mi ò rí ìdí tí wọ́kíṣíìtì ilé-ẹ̀kọ́ fi gbọ́dọ̀ le ju ìdánwò ńlá lọ. Mo sì bẹ àwọn tó ń kọ́ tíṣà ní Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun pé kí wọ́n máa fi irú ìwé mẹ́rin yìí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kí wọ́n tó rán wọn lọ sí kíláàsì, kí wọ́n ní kí wọ́n máàkì wọn.

Àsìkò ńkọ́? Mo mọ bí ìwé ṣe máa ń kún orí tábìlì tíṣà. Ẹ máàkì gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya àwọn tí ìdáhùn wọn tọ̀nà tí ọ̀nà wọn sì yàtọ̀ sọ́tọ̀. Wọn kì í pọ̀. Ẹ yí nọ́ńbà kan padà nínú ìbéèrè, kí ẹ fi ọ̀nà ọmọ náà ṣe é, kí ẹ wò ó bóyá ó dúró. Bó bá dúró tí ìdí rẹ̀ kò sì hàn sí yín, ẹ pe ọmọ náà kó wá ṣàlàyé. Èyí tó bá dúró, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìdáhùn, kí ẹni tó máa máàkì lọ́dún tó ń bọ̀ lè bá a níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.