Àbẹ̀kẹ́, wá gbọ́ ohun tí ọ̀gá wa fi ojú wa rí ní Tọ́sìdeè

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Mi ò tíì jẹun àárọ̀ tí mo fi jókòó kọ èyí, torí bí mi ò bá sọ ọ́ fún ẹ, inú mi á bẹ́. Màmá ti ń rìn láì gbé ọ̀pá, Kúnlé ti gbéyàwó (kò pè wá, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn), iná ò sí láti Sátidé. Ó tán.

Wọ́n kó gbogbo àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé jọ, pé ọ̀gá dípáátímẹ́ǹtì fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípa jọ́nà kílọ́ọ̀bù, ìpàdé tá a ti máa ń jọ yẹ pépà ìwádìí kan wò. Mo ní ó ti dé nìyẹn, oorun ti dé. O ṣáà rántí tiwa láyé ìgbà yẹn, tí ẹnì kan á dúró síwájú máa ka síláìdì títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ìwọ á sì máa hanrun lẹ́yìn mi. Bàbá yìí ò tiẹ̀ kí wa káàbọ̀, ó kàn kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: èèyàn 23 bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ṣẹ́ gègé fún wọn, 12 gbé párásúùtù kọ́rùn, 11 gbé báàgì ẹ̀yìn lásán. Iye tó kú tàbí tó fara pa gan-an: 0 níbí, 0 lọ́hùn-ún. Ó ní kì í ṣe àlọ́ o, jọ́nà àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde lọ́dún 2018. Ó wá ní, ṣé ká máa ju párásúùtù nù ni?

Ẹnu wá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ní èèyàn ò pọ̀ tó, ọ̀kan ní ká wo pí-fálù, èmi náà, mi ò mọ ohun tó kó sí mi lórí, mo ní bóyá báàgì yẹn tóbi. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi dé ilẹ̀! Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, tí kì í sọ̀rọ̀, ló rọra ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lọkọ̀ yẹn ṣe ga tó?" Bàbá pàtẹ́wọ́. Àṣé ọkọ̀ ò gbéra rárá! Orí ilẹ̀ ló dúró sí, ibi tí wọ́n ti bẹ́ ò ju 0.6 mítà lọ ní ìpíndọ́gba, kò ga tó tábìlì. Àwọn tó kọ ọ́ dìídì ṣe é láti fi kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n ni. Èèyàn 92 ni wọ́n bi, àwọn tí kò wọ inú iṣẹ́ náà wà lókè réré, ó lé ní 9,000 mítà, ta ló máa bẹ́ níbẹ̀ nítorí gègé? Ó wà nínú pépà yẹn kedere. Ó ní àwa kàn fẹjú mọ́ èsì ni, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni pé àwọn wo ló wọlé, àwọn wo ló ṣẹ́kù síta, ṣé wọ́n jọra wọn?

Ó wá kan ẹni tó máa darí. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni láti ka pépà fún wa, gbogbo wa la mọ̀wé kà. Kó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ohun tó fà á tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà, kó wá gbé tébùlù kan jáde, kó fi ìwé bo àlàyé abẹ́ rẹ̀, kó ní "kí lẹ rí?" Torí tá a bá ti ka àlàyé wọn, ojú tiwọn la máa fi wò ó. Tí gbogbo ibẹ̀ bá dákẹ́, kó má sáré dá ara ẹ̀ lóhùn (àìsàn tèmi nìyẹn), kó ní kí wọ́n bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹni tí ojú ń tì láàárín ogún èèyàn lè sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ẹni tó bá sì bú pépà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òun ì bá ṣe dípò ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ẹni tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá la ẹnu kó tó kàn án, òun ló máa ra ẹ̀pà àti búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní tí àgbà bá ti dájọ́ tán, ọmọ ta ló máa ní "rárá sà"? Ojú gbogbo wa yí sọ́dọ̀ ẹni tó o mọ̀ yẹn, tó máa ń ní òun kàn fẹ́ fi kékeré kún un, tá á wá di odindi wákàtí. Ó ń wo àjà.

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá pe orúkọ ẹni tó máa kọ́kọ́ darí. Èmi ni! Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo ti mú pépà kan lórí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n láti àná, torí àlàyé nípa àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà wà nínú àfikún ẹ̀, owó ni wọ́n sì ń gbà kéèyàn tó rí i. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó ní láíbìrì yín, màá fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Tó o bá sì ráyè lálẹ́ Sọ́ńdè, jẹ́ kí n bo àlàyé abẹ́ tébùlù yẹn, kí n fi hàn ẹ́, kó o sọ ohun tó o rí. Má hanrun o.

Èmi ni,
Àyọ̀ká