Ẹ̀sùn lórí bátìrì ínfátà tí ẹ ní kò sí ohun tó ṣe é

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà rísíìtì mi àti gbogbo ẹ̀sùn mi wà lọ́wọ́ yín, n kò ní tún un rò ju pé bátìrì 100 áńpù-wákàtí tí mo rà lọ́wọ́ yín kì í gbé fáànù àti gílóòbù pẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ìwà àwọn òṣìṣẹ́ yín ní Dùgbẹ̀ ló mú mi kọ̀wé yìí.

Ọmọdébìnrin tó wà ní káńtà fi mítà kan ẹnu bátìrì, ó rí 13.1 fóòtì, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, bátìrì yín le koko. Ẹ lọ pa firíìjì." Níwájú èrò! Ṣé ẹ ò kọ́ wọn ni? Fóòtì bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí iná inú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fóòtì nìkan kò lè sọ iye iná tí bátìrì ń gbà.

Ọ̀gá rẹ̀ ní fáànù àti gílóòbù kì í ṣe tẹ́ẹ̀sìtì, kí n mú èsì gidi wá, wọn á pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo sanwó fún oníṣẹ́ kan ní Mókólà tó ní ẹ̀rọ tó ń fa iná ní ìwọ̀n kan náà láìyẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ṣájà kún bátìrì dé 14.4, ó sì dúró títí iná tó ń wọlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Ó wá ń fa 20 áńpù. Ó yẹ kí bátìrì 100 áńpù-wákàtí gbé ìyẹn fún wákàtí 5. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 24 ló lò, ó kú. 20 lọ́nà 3.4 jẹ́ 68 áńpù-wákàtí. Owó 100 ni mo san.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà fóòtì tí ẹ̀rọ náà yà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà pípẹ́, ó wá já wálẹ̀ lójijì, ó sì kú ní 12.1. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ká ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú bátìrì náà ló jọ gbẹ, ìlà ìbá sọ̀ dé nǹkan bí 10 kí ààbò inú bátìrì tó pa á. Pé ó kú ní 12.1 fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ti dé 2.5, níbi tí ààbò ti ń pa bátìrì, nígbà tí mẹ́ta yòókù ṣì wà ní nǹkan bí 3.2. Bóyá ó ti bàjẹ́ ni o, bóyá kì í bá àwọn yòókù kún dọ́gba ni o, ó dìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Sílì yín sì ní ẹni tó bá ṣí i ti pàdánù gáráńtì!

Nígbà tí mo gbé èsì dé, ọ̀gá tó ṣèlérí ní "bóyá ẹ̀rọ wọn ò pé." Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ o. Oníṣẹ́ náà fi mítà mìíràn wo okùn iná, 20 áńpù náà ló rí. Ọ̀gá yẹn tún ní kí n máa retí ìpè, ó wá fún mi ní kàlẹ́ńdà. Ẹ ṣeun, mo ní kàlẹ́ńdà nílé.

Ẹ gbé bátìrì mìíràn wá sí Àpáta, tàbí kí ẹ ṣí eléyìí níwájú mi, kí a wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Tí Jímọ̀ tó ń bọ̀ bá kọjá, ìwé yìí àti ìlà náà á dé ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, n ó sì kà á lórí rédíò pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ yín.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Àpáta, Ìbàdàn