Kò sọ "ìwọ ńkọ́?" rí

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti ka gbogbo sikiríníṣọ́ọ̀tì tí o fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, mẹ́tàlélógún ni, ojú kan ṣoṣo ni mo sì fi kà á torí bándéèjì ṣì wà lójú ọ̀tún nígbà yẹn, àbúrò ẹ ló bá mi di fóònù mú. O ní ṣé èmi náà rí ohun tí o rí, pé ọkùnrin tí o pàdé lórí áàpù ìfẹ́ yẹn kì í bi ẹ́ ní nǹkan kan nípa ara ẹ, àbí ìwọ lo ń ṣàṣejù. O ò ṣàṣejù. Ọjọ́ méjìlá gbáko lẹ fi ń ṣátì látìgbà tí áàpù yẹn ti so yín pọ̀, èmi àti àbúrò ẹ jókòó kà á ni, ìbéèrè mọ́kànlélógójì lo bi ọkùnrin yẹn, òun bi ẹ́ ní méjì. Àkọ́kọ́: "Ṣé o wà níbẹ̀?" Ìkejì: "Ṣé o ti rí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́?" Fọ́tò ara ẹ̀ sì ni o! Mo rẹ́rìn-ín débi tí àbúrò ẹ fi ní kí n rọra, kí omijé má ba bándéèjì jẹ́.

Àmọ́ iye yẹn kọ́ ló dùn mí. Ibi tó dùn mí ni ti Túsìdé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi. O kọ ọ́ sí i pé, "Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi láàárọ̀ yìí, àyà mi ò tíì balẹ̀." Ó dá ẹ lóhùn pé, "Ẹ̀yà, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Ojú tèmi náà ń ro mí gan, láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì yìí ló fẹ́ pa mí," ló bá gba ibẹ̀ dórí ọ̀gá ẹ̀, ó dórí pùròmóṣọ̀n tí wọn ò fún un, ó dórí mọ́tò tó fẹ́ rà, fóìsì nóòtì méjì oníṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin tún tẹ̀ lé e. Kò bèèrè pé ojú wo ni, kò bèèrè pé ṣé màmá ti délé. Nígbà tó di alẹ́ ìwọ náà tún lọ bi í pé, "Ọ̀gá ẹ wá ńkọ́, kí ló sọ?" Àbẹ̀kẹ́! Ìwọ lo tún ń kó igi sí iná yẹn.

Wo bó ṣe ṣe é dáadáa. Àdúrà kan péré ló fi kan ọ̀rọ̀ ẹ, "náà" ló wá gùn kọjá sí ọ̀dọ̀ ara ẹ̀. Tèmi náà. Èmi náà. Tún ṣátì yẹn kà, kí o máa wá "náà" yẹn, wà á rí i. Mi ò sọ pé "èmi náà" burú o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ nìkan, bí bùọ̀dá mi Ìlúgùn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á sọ ti ẹsẹ̀ wọn tán wọ́n á ní, "Ehn, tìrẹ wá ńkọ́, ṣé o ti lo oògùn?" Wọ́n padà. Ohun tí wà á máa ṣọ́ nìyẹn, ṣé ó ń padà. Bọ̀bọ́ tìrẹ kì í padà.

Àti pé "ńkọ́" nìkan ò tiẹ̀ tó. Yorùbá ti fi ńkọ́ kọ́ gbogbo wa láti kékeré, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, èèyàn lè máa sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ kó má gbọ́ èsì kankan. Àbúrò ẹ ka nǹkan kan fún mi nínú ìwé sáíkọ́lọ́jì wọn, pé àwọn olùwádìí kan ní Harvard ṣe iṣẹ́ kan jáde ní 2017, wọ́n ní kí àwọn tí kò mọra rí máa bá ara wọn ṣátì fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n ní kí àwọn kan bèèrè ìbéèrè 9 ó kéré tán, kí àwọn kan má bèèrè ju 4 lọ. Àwọn tó bèèrè púpọ̀ ni ẹni kejì fẹ́ràn jù. Ohun tó wá dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé ìbéèrè tó ń ṣe é kì í ṣe "ìwọ ńkọ́", ìbéèrè tó jáde láti inú ohun tí ẹni yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni. Mo ní ẹn-ẹ́n, mo mọ ìyẹn kí wọ́n tó ṣe Harvard fún mi.

Ṣé mo ti sọ fún ẹ rí bí bàbá ẹ ṣe gba ọkàn mi? Ọkùnrin kan ti wà ṣáájú wọn, ọmọ ìjọ wa, tó máa ń kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí mi, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n ọdún kan tí a fi kọ̀wé sí ara wa kò mọ iye àbúrò tí mo ní. Lọ́jọ́ kan bàbá ẹ wá sí Ìtòkú wá ra àdìrẹ fún ẹ̀gbọ́n wọn, mo sọ fún wọn pé ẹlẹ́kọ nìyí, ẹ̀kọ gbágùúdá la fi ń ya iṣẹ́ sára ẹ̀ kí a tó rì í. Wọ́n dúró, wọ́n wo aṣọ yẹn, wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ̀kọ náà ò fi yọ́ dànù nínú aró?" Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń sá a kó gbẹ gan-gan, pé rírì kan kọ́, a máa ń rì í, a yọ ọ́, a tún rì í. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n tún wá, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Òjò àná yẹn, ṣé ẹ rí ẹ̀kọ yín sá?" Wọ́n rántí. Èmi ò sọ fún wọn pé mo ti gbà lọ́jọ́ yẹn o, mo ṣe oṣù márùn-ún fún wọn, àmọ́ mo ti gbà.

Kí n tó wá ní kí o lé ẹni yìí dànù, ó níbi tí mo fẹ́ kí o fura sí ara ẹ náà. Nínú ṣátì yẹn ìbéèrè lo fi parí gbogbo mẹ́sééjì. O sọ gbólóhùn kan nípa ara ẹ, kó tó balẹ̀ o ti bi í ní òmíràn. Ó dà bí ìntáfíù, ẹni tí wọ́n ń fi ìntáfíù wò kì í bi ọ̀gá léèrè. Àwọn ọkùnrin kan sì wà tí wọ́n tọ́ dàgbà pé bíbi obìnrin ní ìbéèrè, ìtọpinpin ni, wọ́n gbà pé tó bá fẹ́ sọ á sọ. Àwọn mìíràn, ìtìjú ló ń ṣe wọ́n, tí ojú bá ti ń tì wọ́n ẹnu wọn ò ní dúró. Èyí tó jẹ́ tiẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn, o ò lè fi àròjinlẹ̀ mọ̀ ọ́n, àfi kí o dán an wò.

Bí wà á ṣe dán an wò rèé. Fún bí ọjọ́ mẹ́rin, má bi í ní nǹkan kan. Má bínú, má dákẹ́, má jẹ́ kí èsì pẹ́ nítorí pé o fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Sọ nǹkan tìrẹ tó ní ìdí nínú, kí o fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, kí o fi fóònù sílẹ̀. Bíi "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lónìí." Ó tán. Má fi àlàyé kún un. Ẹni tó ń gbọ́ ẹ, kò sí bí kò ṣe ní ní "Áà, kí ló ṣẹlẹ̀?" Tó bá fò ó, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ dí lọ́jọ́ yẹn, ní ọjọ́ kejì sọ òmíràn tí kò jọ ọ́, ti ojú mi tàbí ti ilé tí o ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tó. Láàárín ìyẹn kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, bí ìṣẹ́jú 15, torí àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn gbẹ lórí ṣátì tí ohùn wọn sì ní àánú. Tí o bá dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, kí ló máa ń fi dí àlàfo yẹn? Ìwọ ṣá máa fetí sí i.

Tó bá fò ó lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, sọ fún un ní tààrà, lẹ́ẹ̀kan péré, láìbú u. Má lo "o máa ń" o, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan ni kí o dárúkọ. O lè sọ pé: "Mo ń gbádùn ìtàn ẹ. Àmọ́ ọjọ́ Túsìdé mo sọ ti màmá mi, Fúráìdé mo sọ ti iṣẹ́ mi, o ò bi mí ní nǹkan kan níbẹ̀. Ó wù mí kí ìwọ náà mọ̀ mí."

Èsì ẹ̀ ló máa sọ ìyókù. Tó bá ní "Má bínú, mi ò tiẹ̀ mọ̀," tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bíi ẹni tó ń kọ́ èdè, tó ń ṣi í sọ, jọ̀ọ́ mú sùúrù fún un ọ̀sẹ̀ kan méjì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé "ìwọ ńkọ́" ló ń lẹ̀ mọ́ ìdí gbogbo fóìsì nóòtì, tí o bá dáhùn kó tún padà sí ti ọ̀gá ẹ̀, ó ń san gbèsè lásán ni. Tó bá ní "Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá o," tàbí pé àwọn obìnrin ìsinsìnyí ti ní wàhálà jù, o ti rí èsì ẹ gbà. Kọ gbólóhùn méjì sí i, pé o ti ronú sí i, kò ní lè ṣiṣẹ́ fún ẹ, o kí i pé ó dàbọ̀, kí o já okùn lórí áàpù yẹn. Kò sí pé o ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Tó bá ní kí o wá ṣàlàyé, ìpàdé nípa ara ẹ̀ mìíràn nìyẹn tó ń pè.

Kí o sì má wá ti ibí ṣubú sí ibẹ̀. Ẹni tó bá ń bèèrè ní àbèèrèjù náà wà, àwọn gbájúẹ̀ orí áàpù kì í sọ ti ara wọn, tìrẹ ni wọ́n ń bèèrè: ta ló wà nílé pẹ̀lú ẹ, báńkì wo lò ń lò, èló ni wọ́n ń san fún ẹ. Ìbéèrè ẹni tó fẹ́ràn ẹ máa ń tẹ̀ lé ohun tí o sọ, ti gbájúẹ̀ kì í tẹ̀ lé nǹkan kan, ibi tó ń lọ ti wà lọ́kàn ẹ̀.

Ojú mi ti ń ríran o, mo lè ka nọ́ńbà mọ́tò láti bàkọ́nì báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mo ń kán oògùn sí i, àbúrò ẹ ló ń bá mi kán an, ọwọ́ ẹ̀ wúwo. Àdìrẹ tí o ní kí n bá ẹ rì ti gbẹ, aró ẹ̀ dú dáadáa. Ṣé kí n fi rán onímọ́tò sí ẹ lọ́jọ́ Sátidé, àbí ìwọ lò ń bọ̀ wá gbé e?

Màmá ẹ