Lẹ́tà Sí Àkànní Lórí Ọ̀rọ̀ Kóòtù

Àkànní ọmọ mi,

Látìgbà tí o ti pè lánàá, ìyá rẹ ò sùn. O ní ìyàwó rẹ ti kó lọ bá ọkùnrin kan ní Mọ́níyà, o sì fẹ́ kí kóòtù ìbílẹ̀ sọ ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní irú kóòtù bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣe é.

Ní 1961, obìnrin kan ní Ìwọ̀-Oòrùn wa níbí lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn láì tíì kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ dá a lẹ́bi. Ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé e. Ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ni wọ́n ń pè é, gbogbo àwa akọ̀wé ló mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ tó pe panṣágà ní ọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyà tí a kọ fún un. Apá 36(12) nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 ṣì dì í mú bẹ́ẹ̀. Àṣà lè sọ pé ohun burúkú ni, àmọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kì í ránni lẹ́wọ̀n.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Kánò, tó sọ pé panṣágà lè ránni lẹ́wọ̀n, ò parọ́ fún ọ o. Òfin ọ̀ràn tiwọn lókè ọ̀hún kọ panṣágà sílẹ̀ fún àwọn tí àṣà tàbí ẹ̀sìn wọn kà á sí ọ̀ràn. Ti wa kò kọ ọ́. Àwọn àlùfáà tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní mọ́ṣáláṣí níbí pẹ̀lú, bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà ni wọ́n fi lè dá sí i. Wọn kò ní ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí kóòtù ìbílẹ̀ lè ṣe ni kí ó tú ìgbéyàwó ìdáná ká, kí ó sọ ọ̀rọ̀ owó orí, kí ó sì wo ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò dára jù kí Bọ́lá ọmọ yín máa gbé. Béílìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń pín ìwé, yóò mú ìwé ìpè lọ bá ìyàwó rẹ. Rí i pé àdírẹ́sì tí o fún un péye, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń há: bí ìwé ò bá dé ọwọ́ rẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́.

Má lọ bá ọkùnrin yẹn jà. Ẹ̀ṣẹ́ wà nínú ìwé òfin, ìwọ gan-an ni wọn yóò gbé lọ síwájú májísíréètì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò sọ. Ṣé ẹ lọ sí rẹ́jísírì lẹ́yìn ìdáná? Bí ẹ bá lọ, kóòtù ìbílẹ̀ ò lè tú ìyẹn, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ni. Bí ìyàwó rẹ bá sì tún wá fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ìwé yẹn ṣì dúró, ìyẹn lè di ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 7. Gbígbé pọ̀ lásán kò tó bẹ́ẹ̀.

Wo inú fáìlì rẹ. Bí o bá rí sátífíkéètì rẹ́jísírì, ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ