Orúkọ Ọmọ Ni Kó O Kọ́kọ́ Kà

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú.

Àdùnní ọmọ mi,

Mo ka ohun tó o fẹ́ kọ sínú káàdì tí ọ́fíìsì yín ní Adó fẹ́ fún tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọmọ lórúkọ. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì fún wọn. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ká mi lára.

O kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ẹkún, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n láé." Àdúrà rere ni lẹ́nu ẹni tí kò mọ ìtàn. Àmọ́ ìwọ náà lo fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí mi: Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, Yétúndé tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò sunkún, ta ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ló sì yẹ kó o wò nínú orúkọ kó o tó gbé bírò.

Yétúndé lè mú ká rò pé ìyá àgbà tó lọ ni wọ́n ń sunkún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ kan tí kò dúró ti wá ṣáájú èyí. Orúkọ sọ fún wa pé ẹkún wà, kò sọ ẹni tí wọ́n ń sunkún. Wá àgbà kan nínú yín tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kó o rọra bi í léèrè. Bó bá sọ fún ọ, má kọ ọ́ sínú káàdì o. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó rán wọn létí lọ́jọ́ ayọ̀ wọn. Ohun tó o gbọ́ á kàn jẹ́ kó o mọ irú àdúrà tó yẹ wọ́n.

Mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mò ń kọ́ni, èmi ni mo kọ káàdì fún olùkọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya. Mo kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run fi àbúrò ti ọmọ wọn láìpẹ́. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó, tí dókítà sì ti ní kó má tún lóyún mọ́. Ìyá ọmọ ka káàdì náà, ó ṣe "Àmín" jẹ́jẹ́, ó pa á dé. Àmín yẹn ṣì ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò kọ àdúrà àbúrò fún ọlọ́mọ mọ́, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá tọrọ rẹ̀. Ọmọ tó wà nílẹ̀ ni mo ń ṣàdúrà fún.

Ìkejì, bàbá ọmọ nìkan lo kí, bẹ́ẹ̀ o sọ fún mi pé ìyàwó ló ga jù lẹ́nu iṣẹ́. Káàdì ọmọ kò tẹ̀ lé ipò ọ́fíìsì, kì í sì í ṣe ti bàbá nìkan. Ìyá ló la ewu kọjá, òun la kọ́kọ́ ń kí ní "Ẹ kú ewu ọmọ" àti "Ẹ kú ọwọ́ lómi." "Ẹ kú ìnáwó" jẹ́ ti àwọn méjèèjì, torí wọ́n jọ gbàlejò ni.

Yọ "À ń retí yín lẹ́nu iṣẹ́" kúrò pátápátá. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ẹ̀ ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ 16 ni òfin fún ìyá láti sinmi, ọjọ́ iṣẹ́ 14 sì ni ti bàbá. Bí káàdì bá ń pè wọ́n padà, abiyamọ á rò pé ẹ ti ń ka ọjọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Oyin àti iyọ̀ tó o kọ, yọ àwọn náà kúrò. Wọ́n ti fi tọ́ ọmọ lẹ́nu níwájú gbogbo ènìyàn. Èyí ni èmi ì bá kọ:

"Ẹ̀yin òbí Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi, ẹ kú ìnáwó. Inú gbogbo wa dùn sí ọmọ yìí. Orúkọ á mọ́ ọn lórí. Yóò dàgbà lójú yín, ẹ ó sì jèrè rẹ̀. Ẹ má ronú iṣẹ́, a ó bá yín mójú tó o."

Orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè é nílé ti tó. Àwọn tí ẹbí fowó sọ lọ́jọ́ náà pọ̀, bó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, o lè gbàgbé tẹnìkan. Fi àmì sórí orúkọ náà dáadáa, kó o sì jẹ́ kí ọwọ́ ìyá ọmọ tẹ káàdì àti àpò ìwé owó náà.

Bá mi kí wọn. Tó o bá ti rí àgbà yẹn, pè mí lálẹ́.

Èmi ni,
Màmá rẹ.